Ìsọ̀ wo lẹ pàtẹ sí? Bí oníṣẹ́ ọwọ́ àdúgbò ṣe lè yan háṣítáàgì

Lọ́jọ́ Sátidé kan, àbúrò mi obìnrin gbé fóònù rẹ̀ wá bá mi. Gèlè ló ń wé, ó sì ń ṣe mékọ́ọ̀pù fún ìyàwó ojú ọ̀nà, Ìbàdàn ló ti ń ṣiṣẹ́. Láti alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ló ti gbé àwòrán gèlè aṣọ òkè kan sórí Instagram, gèlè tó fẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀, tí ìṣẹ́po rẹ̀ tò lọ́kọ̀ọ̀kan bí ojú ewé ìwé. Ó ti lé ní igba èèyàn tó fi láìkì sí i.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wò ó," ó ní, "wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ o. Kí ló wá dé tí fóònù mi ò dún?"

A jọ wo àwọn tó fi láìkì sí i. Ọ̀kan ń ta ìpéǹpéjú àtọwọ́dá ní Indonéṣíà. Ọ̀kan ń ṣe mékọ́ọ̀pù bíi tirẹ̀ ní Pọtakọ́ọ̀tù. Ọ̀kan wà ní Bùràsíìlì, ó jọ pé àwọ̀ aṣọ òkè náà ló wù ú. Mẹ́ta jẹ́ àkáǹtì tí kò ní àwòrán ẹnikẹ́ni nínú. Mo wá ka ohun tó kọ sábẹ́ àwòrán náà: #makeup #beauty #love #instagood #fashion #bride #wedding #gele #asoebi, ó sì ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí ó fi di ọgbọ̀n. Nínú ọgbọ̀n yẹn, kò sí ẹyọ kan tó dárúkọ Ìbàdàn.

Ohun tí àmì náà ń ṣe

Ọ̀rọ̀ tí a fi àmì # síwájú rẹ̀, tí a kọ pọ̀ láìsí àlàfo, ni gbogbo èèyàn ń pè ní háṣítáàgì. Ará Amẹ́ríkà kan, Chris Messina, ló dábàá rẹ̀ lórí Twitter ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹjọ ọdún 2007, pé kí wọ́n máa fi àmì yìí kó ọ̀rọ̀ tó jọra jọ síbì kan. Nígbà tó yá, àwọn ìkànnì yòókù gbà á. Lọ́dọ̀ tiwa, gbogbo wa la rántí #BringBackOurGirls ní 2014 àti #EndSARS ní 2020. Gbogbo ayé ni àwọn tó lo méjèèjì yẹn ń ké sí, bí ó sì ṣe ń dé ọ̀nà jíjìn tó ni ó ń wúlò tó. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ ti kọ́ pé kí háṣítáàgì sáà ti lọ jìnnà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wé gèlè ní Ìbàdàn kò ké sí gbogbo ayé. Ẹni tí ó lè wọ mọ́tò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, tàbí tí òun lè wọ mọ́tò lọ bá, ló ń ké sí.

Ohun tí mo fi ṣàlàyé fún àbúrò mi ni ọjà. Ní ọjà wa, kì í ṣe pé èèyàn kàn ń jókòó síbi tó bá rí. Ìsọ̀ aláṣọ wà, ìsọ̀ ẹlẹ́ran wà, ìsọ̀ àwọn tó ń ta èlùbọ́ wà. Ẹni tó fẹ́ ra èlùbọ́ kì í fi ẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ káàkiri ọjà, ìsọ̀ eléèlùbọ́ ló ń gbà lọ tààrà. Ìsọ̀ ni háṣítáàgì kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá kọ #makeup, ìsọ̀ kan lẹ gbé igbá yín lọ, ìsọ̀ tí àwòrán tó wà níbẹ̀ lé ní ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù, tí òmíràn sì ń wọlé ní gbogbo ìṣẹ́jú. Kí ẹ tó yíjú padà, àwòrán yín ti wà nísàlẹ̀ òkìtì.

Ẹ tún wo bí àwọn tó ń kiri ṣe ń polówó. Ẹlẹ́kọ kì í wọ àdúgbò láàárọ̀ kó máa ké pé oúnjẹ ni òun gbé wá. Ẹ̀kọ ló ń pè, bó bá sì gbóná, á fi kún un pé ó gbóná. Ó mọ̀ pé ẹni tí ebi ẹ̀kọ ń pa nìkan ló máa ṣílẹ̀kùn. Bí ó bá ké "oúnjẹ", gbogbo ojúlé ni yóò gbọ́, kò sì sí ẹni tí yóò mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá wí.

Sátidé ò ju Sátidé lọ

Kí a tó yan ọ̀rọ̀ kankan, mo ní kí àbúrò mi kọ́kọ́ ka iye iṣẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ lè gbà. Ọjọ́ Sátidé ni òde pọ̀ jù. Bí ó bá lọ ṣe ìyàwó, kì í ṣe ìyàwó nìkan, ìyá ìyàwó wà níbẹ̀, àwọn àbúrò àti ọ̀rẹ́ ìyàwó náà sì ń dúró de gèlè. Láti ìgbà tó bá tú àpótí rẹ̀ títí tó fi máa dì í, wákàtí mẹ́ta ti lọ. Ẹ fi súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ kún un. Òde méjì ni agbára rẹ̀ mọ, bó bá sì di mẹ́ta, ó ti di pé kó bẹ ọmọṣẹ́ lọ́wẹ̀.

Nítorí náà, oníbàárà bí i mẹ́jọ lóṣù ló ń wá fún àwọn Sátidé rẹ̀, pẹ̀lú àwọn tó ń wá sí ṣọ́ọ̀bù láàárín ọ̀sẹ̀. Àwọn mẹ́jọ wọ̀nyí kò sí ní Indonéṣíà. Bí ogójì èèyàn tó ń palẹ̀ ìgbéyàwó mọ́ ní Ìbàdàn bá rí àwòrán rẹ̀, tí mẹ́rin nínú wọn sì tẹ̀ ẹ́ láago, ó sàn fún un ju kí ẹgbàarùn-ún èèyàn rí i káàkiri ayé. Bí èèyàn bá ti mọ iye tí òun ń wá báyìí, ojú tó fi ń wo háṣítáàgì máa ń yàtọ̀. Ẹni tó ń ta ọṣẹ tí a lè fi ránṣẹ́ lè fẹ́ ibi gbogbo. Ẹni tó jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ ni ọjà rẹ̀, ibi tí ọwọ́ náà lè dé ni ọjà ọ̀hún mọ.

Ta ló ń tẹ ọ̀rọ̀ náà?

Lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ohun tí ó yẹ kí a béèrè kì í ṣe pé "ṣé ó gbajúmọ̀?" Ohun tó yẹ ni pé ta ló máa ń tẹ ọ̀rọ̀ yìí síbi àwárí, kí ló sì ń wá?

Ta ló ń tẹ #makeupartist? Ọ̀pọ̀ ìgbà, àwọn onímékọ́ọ̀pù ni. Wọ́n ń wá àrà tuntun, wọ́n ń wo bí ẹlẹgbẹ́ wọn ṣe ń ṣe ojú. Wọ́n máa fi láìkì sí iṣẹ́ yín, wọn ò sì ní pè yín láé, nítorí àwọn náà mọ̀ ọ́n ṣe. Ìdí rèé tí láìkì àbúrò mi fi pọ̀ tí fóònù rẹ̀ ò dún: ìsọ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló pàtẹ sí. Bí télọ̀ bá gbé aṣọ tó rán lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ télọ̀, wọ́n á kí i kú iṣẹ́, ibẹ̀ kọ́ ni yóò ti rí aṣọ gbà rán.

Obìnrin tó ń palẹ̀ ìgbéyàwó mọ́ kì í sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ń bi ọ̀rẹ́ rẹ̀ léèrè pé, "Ta lẹ mọ̀ tó ń wé gèlè dáadáa ní Ìbàdàn?" Ohun méjì ló wà nínú ìbéèrè yẹn: iṣẹ́ àti ibi. Nígbà tó bá sì gbé fóònù, ohun méjì yẹn náà ló máa tẹ̀. Torí náà, àwọn ọ̀rọ̀ bí i #GeleInIbadan àti #IbadanMakeupArtist ń sọ ọ̀rọ̀ oníbàárà, #instagood kò sọ ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni. Bí ẹ ò bá mọ ohun tí àwọn oníbàárà yín ń tẹ̀, ẹ ṣí àwọn iṣẹ́ tí wọ́n ti jẹ́ yín lórí WhatsApp, kí ẹ ka gbólóhùn àkọ́kọ́ tí kálukú wọn kọ. Nígbà tí àbúrò mi ka tirẹ̀, ó rí i pé "home service" wà nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀. Òun kò kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán kankan rí.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ tó dín ibi kù máa ń dín èèyàn kù. Ní oṣù Kejìlá, àwọn ọmọ wa láti Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà máa ń wálé wá ṣègbéyàwó. Ìyàwó tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù lónìí, tó máa ṣe ìgbéyàwó ní Ìbàdàn ní ìparí ọdún, kò ní wá onígèlè Lọ́ńdọ̀nù. "Ibadan" ló máa tẹ̀. Orúkọ ìlú kan ṣoṣo yẹn ló máa so ó mọ́ ẹni tí kò mọ̀ rí, tó jìnnà sí i ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà.

Nígbà tí orúkọ ìlú bá ṣìnà

Ìṣòro kan wà níbí tó jẹ́ tiwa gan-an. Ohùn ni èdè Yorùbá fi ń ya ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀ lára èkejì, bẹ́ẹ̀ ni kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tó ń fi àmì ohùn sórí háṣítáàgì. Bí àmì bá ti kúrò lórí orúkọ ìlú, ó lè di orúkọ ohun mìíràn.

Ẹ wo #Oyo. Ẹni tó ń tún fíríìjì ṣe nílùú Ọ̀yọ́ lè rò pé òun ti rí ọ̀rọ̀ tó dára jù. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ ńlá kan wà ní Íńdíà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2013, tí ó ń ṣe òtẹ́ẹ̀lì, OYO sì ni orúkọ rẹ̀. Fíríìjì rẹ̀ yóò wá wà láàárín bẹ́ẹ̀dì òtẹ́ẹ̀lì. #Lagos náà kò bọ́ nínú rẹ̀: ìlú kan wà ní gúúsù Pọtogí tó ń jẹ́ Lagos, etíkun rẹ̀ rẹwà, àwọn arìnrìn-àjò ń ya fọ́tò rẹ̀ lójoojúmọ́. Ní èdè Pọtogí àti ti Sípéènì pàápàá, "lagos" ni wọ́n ń pe àwọn adágún omi. Ìlú Ede kan wà ní Nẹ́dálándì. Ọ̀wọ̀ tiwa, bí a bá bọ́ àmì lára rẹ̀, ó di ọ̀kan náà pẹ̀lú owó tí a ń ná, pẹ̀lú ọwọ́ tí a fi ń ná an, àti pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tí a ń fún àgbà.

Ohun tó ń tún un ṣe ni pé kí a má jẹ́ kí orúkọ ìlú dá dúró. Ẹ so ó mọ́ iṣẹ́, tàbí mọ́ ìpínlẹ̀: #EdeOsun, #OwoOndo, #LagosGele, #OyoTownFridgeRepair. Ẹni tó ń wá etíkun Pọtogí kò ní tẹ #LagosGele.

Àṣìṣe kejì kéré lójú, ó sì ń ba iṣẹ́ jẹ́ gan-an. Háṣítáàgì kì í fara da àlàfo tàbí àmì ìdàpọ̀. Bí ẹ bá kọ #Ile-Ife, ibi tí ìlà kékeré yẹn wà ló máa gé e, #Ile ló máa kù. #Ijebu-Ode á di #Ijebu, #Ado-Ekiti á di #Ado, #aso ebi á sì di #aso. Ẹ máa wo àwọ̀ ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn tí ẹ bá gbé e jáde tán: ibi tí àwọ̀ ìlujá bá parí sí ni háṣítáàgì yín parí sí. Ẹ kọ #IleIfe, #IjebuOde, #AdoEkiti. Lẹ́tà ńlá àti lẹ́tà kékeré kò yàtọ̀ fún ìkànnì, ṣùgbọ́n lẹ́tà ńlá ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ń jẹ́ kó rọrùn kà, ó sì ń ran ẹ̀rọ tó ń ka ọ̀rọ̀ sókè fún àwọn afọ́jú lọ́wọ́.

Kí wá ni ká ṣe sí àmì ohùn? Ẹ jẹ́ kí háṣítáàgì wà bí oníbàárà ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Inú gbólóhùn tó wà lábẹ́ àwòrán ni kí ẹ ti kọ Yorùbá yín dáadáa: "Gèlè aṣọ òkè fún ìyá ìyàwó, Bódìjà, Ìbàdàn." Gbólóhùn yìí kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Lóde òní, àwárí Instagram àti ti TikTok ń ka ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán náà, kì í ṣe háṣítáàgì nìkan. Ní ìparí 2024, Instagram tilẹ̀ yọ àǹfààní tí èèyàn ní láti máa tẹ̀lé háṣítáàgì bí ẹni ń tẹ̀lé ọ̀rẹ́ kúrò. Àmì náà ń sọ fún ìkànnì pé ohun báyìí ló wà nínú àwòrán yìí, ó sì ń ran ẹni tó ń wá nǹkan lọ́wọ́. Kò lè gbé iṣẹ́ tí kò dára dé ibì kankan.

Márùn-ún ti tó

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọgbọ̀n háṣítáàgì ni Instagram gbà lórí àwòrán kan, àwọn èèyàn sì ń rọ ọ́ kún bí ìgbà tí a bá ń rọ gàrí sínú àpò. Ní 2021, ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ gba àwọn tó ń lò ó nímọ̀ràn pé mẹ́ta sí márùn-ún ti tó. Márùn-ún ni èmi àti àbúrò mi fi ṣe ìwọ̀n. Àǹfààní tó wà nínú rẹ̀ ni pé bí àyè bá ti há, èèyàn á ronú kó tó gbé nǹkan síbẹ̀.

A pín márùn-ún náà báyìí. Ọ̀kan fẹ̀, ó dárúkọ ohun tó wà nínú àwòrán: #gele. Kì í ṣe nítorí pé yóò mú iṣẹ́ wá, bí kò ṣe pé yóò sọ fún ìkànnì pé gèlè ni èyí, kì í ṣe fìlà, kì í ṣe aṣọ títà. Ọ̀kan wà ní ìwọ̀n àárín, ó so iṣẹ́ mọ́ ìlú: #IbadanMakeupArtist. Ọ̀kan ṣe tóóró, ó jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu oníbàárà gan-an: #GeleInIbadan. Ọ̀kan dárúkọ ẹni tí iṣẹ́ náà wà fún: #IbadanBride. Ìkarùn-ún ni àdúgbò tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà: #AkoboIbadan.

Ìkẹrin yẹn ló ń yí padà jù. Bó bá jẹ́ gèlè ìyá ìyàwó ni, a ó pààrọ̀ #IbadanBride sí #MotherOfTheBrideIbadan. Bó bá jẹ́ òde ọjọ́ ìbí àgbà ni, a ó wá ọ̀rọ̀ tó bá ìyẹn mu. Ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ márùn-ún kan náà sínú ìwé, tó ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo àwòrán láti oṣù Kìn-ín-ní dé oṣù Kejìlá, ń pe gèlè òkú ní gèlè ìyàwó.

Kí a tó gbà ọ̀rọ̀ kankan wọlé, a lọ wo ìsọ̀ náà fúnra wa. A tẹ̀ ẹ́ síbi àwárí. Iye àwòrán tó wà níbẹ̀ máa ń hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ náà, ṣùgbọ́n àwọn àwòrán gan-an la tẹjú mọ́. Ṣé irú iṣẹ́ tiwa ló wà níbẹ̀? Ṣé ìlú wa ni? Ṣé àwòrán tó jáde kẹ́yìn kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì, àbí láti èṣí ni ìsọ̀ náà ti dahoro? Ní ìgbà mìíràn ẹ lè rí i pé ìkànnì ti pa ìsọ̀ kan mọ́ nítorí àwọn oníjìbìtì tàbí àwòrán ìhòòhò, ẹ kàn máa rí àkọsílẹ̀ dípò àwòrán tuntun. Ẹ yàgò fún irú ẹ̀. Ẹ má sì tóó ju bó ti yẹ lọ: #GeleTyingNearAkoboJunction kò ní oníbàárà kankan, nítorí kò sí ọmọ èèyàn tó máa tẹ̀ ẹ́.

Ohun mìíràn tí a rí ni pé nígbà kan tí ìyọlẹ́nu pọ̀, àbúrò mi ti ti àkáǹtì rẹ̀ pa sí àwọn tó ń tẹ̀lé e nìkan, ó sì gbàgbé láti ṣí i. Bí àkáǹtì bá wà ní títì, háṣítáàgì yòówù kí ẹ kọ, àlejò kò ní rí i. Bí ẹni tó pàtẹ sínú yàrá tó ti ilẹ̀kùn ni. Oṣù mélòó kan ni ó fi wà bẹ́ẹ̀ kí ó tó fura.

Ìwé kékeré kan àti ìbéèrè kan

Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ó ń gbé àwòrán mẹ́ta jáde lọ́sẹ̀, ó sì ń kọ háṣítáàgì tó lò sínú ìwé ọmọ iléèwé kan. Ẹnikẹ́ni tó bá pè é, ìbéèrè àkọ́kọ́ rẹ̀ lẹ́yìn ìkíni ni, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, níbo lẹ ti rí wa?" Ìbéèrè yìí ṣe pàtàkì ju nọ́ńbà inú fóònù lọ, torí ìkànnì lè sọ fún yín pé iye báyìí ló rí àwòrán yín, kò lè sọ ẹni tó sanwó. Bí àkáǹtì yín bá jẹ́ ti oníṣòwò, ibì kan wà níbẹ̀ tí ẹ ti lè rí i bóyá àwọn tó ń tẹ̀lé yín ló wo àwòrán náà tàbí àlejò, ìlú tí àwọn tó ń tẹ̀lé yín pọ̀ sí jù yóò sì hàn. Bí Ìbàdàn bá ń gòkè nínú ìlú wọ̀nyẹn, ọ̀nà yín tọ́, bí láìkì tilẹ̀ dín kù.

Láìkì dín kù lóòótọ́. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, inú àbúrò mi bàjẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, igba ni tẹ́lẹ̀ o, ó ti di ọgọ́ta."

Mo ní kó ka àwọn ọgọ́ta náà. Orúkọ Ìbàdàn ló pọ̀ níbẹ̀: ẹni tó ń ṣe kéèkì, ẹni tó ń ya fọ́tò, ẹni tó ní gbọ̀ngàn òde, àti obìnrin mélòó kan tí kò ta nǹkankan. Àwọn olùyafọ́tò àti aṣekéèkì kì í ṣe oníbàárà, ṣùgbọ́n àwọn náà ni ìyàwó kọ́kọ́ ń bi pé, "Ṣé ẹ mọ onígèlè kan?" Ẹlẹgbẹ́ tó wà ní òde kan náà pẹ̀lú yín yàtọ̀ sí ẹlẹgbẹ́ tó wà ní Indonéṣíà.

Ibi tí a ti ṣìnà ni #AkoboIbadan. Ó dà bí ẹni pé ó dára lójú, nítorí ó tóóró, àdúgbò wa ni, àwòrán tuntun sì ń wọlé. Nígbà tí a padà lọ wò ó dáadáa, ilẹ̀ títà ló kún ibẹ̀: ilé oníyàrá mẹ́rin, pílọ́ọ̀tì méjì, "ìwé rẹ̀ pé". Ìsọ̀ àwọn alágbàtà ilẹ̀ ni. Ẹni tó wọ ibẹ̀ ń wá ilẹ̀, gèlè ò sí lọ́kàn rẹ̀. Nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kò sí ìpè kan tó jọ pé ó ti ibẹ̀ wá. Ohun tí ó kọ́ wa ni pé orúkọ àdúgbò nìkan kò sọ ohun tí a ń ṣe, bí orúkọ iṣẹ́ nìkan kò ṣe sọ ibi tí a wà. Méjèèjì gbọ́dọ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ kan. A pààrọ̀ rẹ̀ sí #AkoboMakeupArtist, a sì fi Àkóbọ̀ fúnra rẹ̀ síbi àmì ipò, àyè tí Instagram ṣe fún orúkọ ibi tí a ti ya àwòrán. Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo la yí, a fi mẹ́rin yòókù sílẹ̀, kí a lè mọ ohun tó fa ìyàtọ̀ bí ìyàtọ̀ bá wà.

Ìgbà tí fífẹ̀ dára

Ìgbà kan wà tí ọ̀rọ̀ tó fẹ̀ kì í ṣe òfò. Ní oṣù Kẹjọ, àbúrò mi fẹ́ kọ́ àwọn ọmọṣẹ́ ní wíwé gèlè fún ọ̀sẹ̀ kan. Ta ló fẹ́ kọ́ gèlè? Àwọn tó ti ń ṣe mékọ́ọ̀pù tí kò tíì mọ gèlè í wé. Níbo ni wọ́n wà? Nínú #makeupartist àti #geletutorial, ìsọ̀ tí mo ní kó kúrò níbẹ̀. Lórí fídíò ìkọ́ni, a dá àwọn ọ̀rọ̀ tó fẹ̀ padà, méjì nínú márùn-ún. Ìyípadà yìí ló fi hàn pé kò sí háṣítáàgì tó burú fúnra rẹ̀. Ẹni tí ẹ ń pè ló ń sọ bó ṣe yẹ kó fẹ̀ tó.

Èyí tí kò dára nígbàkígbà ni kí a fi ọ̀rọ̀ tí ó ń gbóná lọ́wọ́ polówó ohun tí kò kàn án. Lásìkò #BBNaija, ẹ ó rí bàtà, ẹ ó rí ìpara, ẹ ó rí ẹja gbígbẹ lábẹ́ háṣítáàgì ètò náà. Ẹni tó ń wá ìròyìn ètò yẹn á kàn fi ìka tì í kọjá ni. Bí ó bá sì jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ọ̀fọ̀ tàbí ìfẹ̀hónúhàn ni, ó lè bu èébú lu yín níta gbangba, orúkọ tó bá sì ti bàjẹ́ ládùúgbò, háṣítáàgì kò lè tún un ṣe.

Ní ìparí ọ̀sẹ̀ kẹrin, mo ní kó gbé ìwé ọmọ iléèwé náà wá. Ìpè mọ́kànlá ló wà níbẹ̀. Mẹ́rin sọ pé ọ̀rẹ́ ló júwe, mẹ́ta rí i lọ́dọ̀ olùyafọ́tò, ẹnì kan kò rántí. Mẹ́ta ló ní àwọn tẹ "gele" àti "Ibadan" síbi àwárí, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ìyá tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ ṣègbéyàwó ní Ìbàdàn ní oṣù Kejìlá. Mẹ́ta nínú mọ́kànlá kò pọ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀rẹ́ ṣì ju háṣítáàgì lọ. Ṣùgbọ́n mẹ́ta yẹn jẹ́ Sátidé kan àti ààbọ̀ nínú iṣẹ́ àbúrò mi, kò sì náwó lé e lórí.

Bí ó ti ń dì í, fóònù rẹ̀ dún. Ó kí ẹni náà, ó béèrè ọjọ́ òde, ó ní, "Háà, ẹ jọ̀ọ́ mà, a ti gba méjì lọ́jọ́ yẹn." Ó ṣí ìwé rẹ̀, ó fa bírò yọ, ó sì tún béèrè pé, "Níbo lẹ tiẹ̀ ti rí wa, mà?"